Ìpara Ìyá Ọkọ

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ, ìyá ọkọ di irun tó re lórí ìyàwó náà sínú ọ̀rá, ó gbé e wá bá onídìrí.

"Ìwọ lo ba irun ìyàwó mi jẹ́."

Oníbàárà méjì dìde, wọ́n lọ.

"Mà, ẹ wo funfun tó wà nídìí rẹ̀. Kò já, ṣe ló re. Ìbímọ ló fà á. Yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, òmíràn yóò sì hù."

"Ẹnu dùn-ún-ròfọ́." Ìyá ọkọ lọ ra ìpara irun fún ìyàwó.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, irun kéékèèké ti hù yí iwájú orí ìyàwó ká. Ìyá ọkọ tún dé, òun àti ìyàwó, ó ń yangàn níwájú àwọn oníbàárà:

"Ìpara mi ló ṣe é."

Ìyàwó rọra yọ ìpara náà nínú báàgì rẹ̀. "Mà, mi ò tíì ṣí i."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ni onídìrí wí. "Ìpara yín mọṣẹ́ jù mí lọ. Inú báàgì ló ti ń ṣiṣẹ́."