Òru Mẹ́rin Tó Kù

Ìdùnnú ló kọ́kọ́ rí i, kò sì mọ̀ pé ọgbẹ́ ni òun tẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹwàá, ní ọ́fíìsì tí Adéfọlárìn ti ń ṣe iṣẹ́ owó orí ní Onírèké. Fáìlì Ìyá Ọláníkẹ́ ló wà níwájú wọn, agbẹ̀bí tó fẹ̀yìn tì, tó lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Leeds kí ó tó kó wálé sí Bódìjà. Ìdùnnú, oníṣirò owó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ń kọ fọ́ọ̀mù tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun kì í ṣe olùgbé ibẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, ọjọ́ mélòó ni kí n kọ pé Màmá lò lọ́hùn-ún lọ́dún yẹn?"

"Àádọ́rùn-ún géérégé. Ó wà nínú àtẹ tí mo ṣe."

Ìdùnnú fi ìka tọ ìwé náà. "Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni mo rí, sà."

"Tún un kà."

"Mo ti tún un kà. Ẹ̀yin ka ọjọ́ tí wọ́n wọ̀lú, ẹ tún ka ọjọ́ tí wọ́n jáde. Àlàyé fọ́ọ̀mù ní òru ni kí á máa kà. Ibi tí agogo méjìlá òru bá ti bá èèyàn ni wọ́n ń ka ọjọ́ náà sí. Ọjọ́ tí Màmá bá wọ bàálù kúrò kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló lé lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fajú ro mọ́, jàre. Inú ààbò ni wọ́n tilẹ̀ wà ju bí a ti rò lọ."

Adéfọlárìn kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọdé. Ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún sí ọjọ́ kejì oṣù kẹfà: òru mẹ́tàlélógún. Ti oṣù kẹjọ: mọ́kànlélógún. Ti oṣù kọkànlá: mẹ́rìndínlógún. Ti ìgbẹ̀yìn, láti ọjọ́ keje oṣù kejì títí di Ọjọ́rú ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó rò ó pọ̀. Òru mẹ́rin ló kù nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ní kí Ìyá Ọláníkẹ́ gbé àpótí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, okùn tó ṣì so ó mọ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ iye ọjọ́ tí ó lè lò. Okùn méjì ló kù lára Ìyá Ọláníkẹ́: ilé kékeré tí kò tíì tà ní Leeds, àti pé ó ti lo ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ níbẹ̀ nínú ọdún tó ṣáájú. Olókùn méjì kò gbọdọ̀ kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́ láàárín ọdún owó orí wọn, tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹrin. Bí ó bá fi ẹyọ kan kọjá, olùgbé ni lójú òfin, ìjọba wọn yóò sì na ọwọ́ sí èrè tí ó jẹ níbikíbi láyé. Ọdún yẹn gan-an ni ìyá náà ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà, kí ó lè fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Bí wọ́n bá pè é ní olùgbé, èrè ilẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín, òrùlé ilé ìgbẹ̀bí sì lọ nìyẹn.

Bí bàbá Adéfọlárìn ti kọ́ ọ ló ṣe ń kà. Bàbá náà á ní, ọjà tí a ń ná lọ́rọọrún, òní wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí a óò tún ná an wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ òní kúrò, mẹ́rin ni yóò bá. Kì í ṣe pé Adéfọlárìn kò ka ìlà tó sọ̀rọ̀ òru rí. Ó kà á lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé kíkà jù kò pa ẹnikẹ́ni lára, kíkà dín ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ó pè é ní ìṣọ́ra. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pé òun ló fi kún un.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta tó kọjá, ni Ìyá Ọláníkẹ́ pè é láti Leeds. Adéfọlárìn wà nínú ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀, ó ń lọ sí ìpàdé àwọn díákónì. Ọmọ́fẹ́, àbúrò ìyá náà tó ń gbé ní Leeds, wà lórí àìsàn. Àlàó, oríkì Adéfọlárìn, ni ìyá náà máa ń fi pè é.

"Àlàó, wò ó dáadáa, ṣé kò ṣẹ́ku òru kan ṣoṣo?"

"Ọ̀la ló pé àádọ́rùn-ún, mà."

"Àìsàn ńkọ́? Ṣé òfin wọn kò mọ àìsàn?"

"Bí ẹ̀yin fúnra yín bá dùbúlẹ̀ lójijì, tàbí ọkọ, tàbí ọmọ yín kékeré, wọ́n lè fojú fo ọjọ́ náà. Wọn kì í sábà gbà á fún àbúrò."

"Tún un kà fún mi, jọ̀ọ́."

Èyí tó sọ nípa àìsàn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò tún un kà. Orí ìjókòó ọkọ̀ ló ti dáhùn pé òun ti kà á, kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀sán Ẹtì, Ọmọ́fẹ́ kú. Ìyá Ọláníkẹ́ kò lè padà lọ sin ín, nítorí wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ojú fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe gbé pósí wọlẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Ìdùnnú wí ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, "kí ni mo sọ?"

"O kò sọ nǹkan kan. Kọ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún."

Ọjọ́ méjì ni Adéfọlárìn fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹni gbé ẹyin sínú àpò. Bí ó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ẹnu rẹ̀ á ní "Baba, ṣàánú," ọkàn rẹ̀ á sì dáhùn pé ta ni o fẹ́ kí ó ṣàánú, ìwọ tàbí ìyá tí o ṣẹ̀? Èṣù sì ń gbà á nímọ̀ràn tó dùn: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iye méjèèjì ló dára fún ìyá yìí, kò sí kóbọ̀ tó sọnù, òkú kì í padà, kí ni o tún fẹ́ ṣí ọgbẹ́ àgbà fún? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé iná sábẹ́ aṣọ, ẹ̀fín ni yóò tú u fó. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ó gbé fọ́ọ̀mù, ó kọrí sí Bódìjà.

Ìyá Ọláníkẹ́ rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ó ti máa ń ṣe. "Àlàó, ọmọ a-ṣiṣẹ́-má-fi-t'ẹni-ẹlẹ́ni-ṣeré. Ọmọ a-bá-ni-ṣọ́lé-bí-ẹni-tó-nilé. Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ẹ má kì mí lónìí, mà."

Ìyá náà wò ó. "Kí ló dé? Ṣé wọ́n ní mo jẹ̀bi?"

"Ẹ̀yin kọ́. Èmi ni." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, ibẹ̀ ló sì ti sọ ọ́, láti orí ọjà ọrọọrún dé orí agogo méjìlá òru. Kò bu iyọ̀ sí i. Ó sọ pé inú ọkọ̀ ni òun wà, ó sọ pé òun kò ṣí ìwé.

Ohùn agbẹ̀bí ni Ìyá Ọláníkẹ́ fi dá a lóhùn, ohùn tí kò gbọ̀n.

"Ka òru mẹ́rin náà fún mi."

"Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú lẹ ò bá wọ bàálù."

"Ọ̀sán Ẹtì ló kú."

"Mo mọ̀, mà."

"Ìwọ mọ̀." Ó mi orí. "Dìde. Bí o dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, Ọmọ́fẹ́ kò ní jí. Ẹni tó yẹ kí o dọ̀bálẹ̀ fún ń bẹ ní Leeds. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Rẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kì í bá mi sọ ju 'ẹ káàárọ̀' lọ. Ó ní mo fi ìyá òun sílẹ̀ tìtorí owó ilẹ̀." Ó mú fóònù rẹ̀, ó pè, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e ka orí tábìlì láàárín wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Bíìgì Mọ́mì," ni ohùn kan wí, ó tutù bí omi inú àmù.

"Rẹ̀mí, ẹnì kan fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Adéfọlárìn ni."

"Bùrọ̀dá tó ń ka ọjọ́?"

"Èmi ni," ni Adéfọlárìn wí. "Mo kà á ṣì." Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó parí, ó dúró. Wọ́n gbọ́ tí Rẹ̀mí ti ilẹ̀kùn kan lọ́hùn-ún.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Mọ́mì béèrè Bíìgì Mọ́mì lálẹ́ Ọjọ́bọ̀? Wọ́n ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi dà?' Mo ní wọ́n ti sá fún owó orí. Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn nìyẹn. Mo ti ń bínú sí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà náà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Màá bínú. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn. Ṣé Bíìgì Mọ́mì béèrè bóyá àwọn lè dúró ni, àbí ẹ̀yin lẹ pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀?"

"Àwọn ló pè mí. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n wá òru kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí n tún un kà, ẹkún wà nínú ohùn wọn. Mi ò tún un kà."

"Bíìgì Mọ́mì, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?" ni Ìyá Ọláníkẹ́ wí. "Pé òun ló ka ọjọ́, àbí? Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé àpótí. Ǹ bá dúró tì í, kí wọ́n gba owó náà. Mo rò ó lóru yẹn. Mo ro òrùlé ilé ìgbẹ̀bí. Ṣé kí n wá di ẹ̀bi yẹn ru ẹlòmíràn?"

Rẹ̀mí wí pé, "Bùrọ̀dá, ẹ gbé fóònù fún wọn, kí ẹ jáde. Mo ti gbọ́ yín. Ẹ má tíì bi mí bóyá mo dárí jì yín."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá náà nínú ilé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹkún ni, nígbà mìíràn ó dà bí ẹni ń pe oríkì Ọmọ́fẹ́ sétí ọmọ rẹ̀. Ara Adéfọlárìn kò fúyẹ́ bí ó ti rò pé yóò fúyẹ́. Ó pe Ìdùnnú.

"Gbogbo ẹni tí mo ti ka ọjọ́ fún láti ọdún mẹ́fà, kó fáìlì wọn jáde."

"Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, sà. Àwọn mìíràn ti parí. Kò sí ẹni tó ráhùn."

"Ìyá yìí náà kò ráhùn. Ọjọ́ Ajé, a ó máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni màá máa sọ̀rọ̀."

Ó pẹ́ kí Ìyá Ọláníkẹ́ tó jáde. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó jókòó, ó na ọwọ́ gba bírò, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí nǹkan kan.

"Kà á sókè," ó ní. "Láti orí ọjọ́ àkọ́kọ́. Má yára."

Adéfọlárìn ṣí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òru fún un, ìyá náà sì ń fi ìka kà á tẹ̀lé e lórí itan rẹ̀.