Ìkíni Tó Dá Kọfí Dúró

Wọ́n ní owú kì í ṣe àìsàn. Irọ́ ni! Ẹ bi Morádéún léèrè. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀, tí oorun ò sì wá, nítorí ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé oṣù méjì níbi iṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù kọfí kan wà ní Àpápá, kò jìnnà sí ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni Morádéún ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òun ló mọ ẹni tí kì í mu ṣúgà àti ẹni tó ń purọ́ pé òun kì í mu ún. Láìpẹ́ yìí ni Ọ̀gá Ọlábọ̀dé tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe tábìlì gíga kan síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Kò ní sí ẹ̀rọ lórí ẹ̀ rárá. Ọwọ́ lásán ni wọ́n á fi máa da omi gbígbóná sórí kọfí nínú asẹ́, kó máa kán sínú ife lójú oníbàárà. Ẹni kan ṣoṣo ló máa ni ìdí tábìlì yẹn, orúkọ ẹni náà ni wọ́n sì máa kọ sára ògiri.

Morádéún ti mọ̀ pé orúkọ òun ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Òun ló kọ́ iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ lórí fóònù, tí omi gbígbóná jó o lọ́wọ́ títí awọ fi bó. Ó tiẹ̀ ti dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Olódì pé kí ìjọ bá òun dúpẹ́, wọ́n ti fi òun ṣe ọ̀gá. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Ìyá ẹ̀ jó títí gèlè fi tú.

Àfi bí Ọ̀gá ṣe ní, "Morádéún, máa kọ́ Ummusalamah náà. Lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì po kọfí kọ̀ọ̀kan fún mi. Ẹni tí tiẹ̀ bá dùn jù ló máa dúró níbẹ̀."

Háà! Ummusalamah? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ní Amúkokò, tó jẹ́ pé tíì ni wọ́n ń pe kọfí níwájú ẹ̀ títí ó fi dé Èkó? Ọmọ yẹn ò burú o, ìyẹn gan-an ló ń dun Morádéún. Ká ní ó ya aláfojúdi ni, à bá rí nǹkan kan dì mú. Ṣùgbọ́n ó ń tẹríba, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè ẹ̀. "Ọmọ oníhíjáàbù yẹn ńkọ́?" Bí Morádéún bá gbọ́ ọ, inú ẹ̀ á máa ta á bí ẹni fata sójú egbò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ohun tó ń sọ lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àkísà gba ipò?

Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń lọ kọfí kó rí bí iyanrìn odò, kó má kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Ó fi hàn án pé kó kọ́kọ́ da omi gbígbóná sí bébà tó wà nínú asẹ́, kó dà á nù, kí òórùn bébà má bàa wọ kọfí. Ó ní àárín gan-an ni kó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, kó máa yí i po lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó tún yí i padà wá sáàárín, díẹ̀díẹ̀, kó má sì jẹ́ kí omi kan bébà. Ó ní kí omi tó kán tán, ó gbọ́dọ̀ tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òtítọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ibi tí owú ti gbé e nìyí. Kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ní afẹ́fẹ́ nínú. Omi díẹ̀ la kọ́kọ́ ń dà sí i, bí ìlọ́po méjì ìwọ̀n kọfí náà, kó kàn rin dáadáa. Kọfí á wú sókè, á máa hó wùrùwùrù. Àwọn oníkọfí ń pè é ní blúùmù. Èèyàn á wá gbé kẹ́tù jẹ́ẹ́, á dúró bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kí afẹ́fẹ́ yẹn jáde, kó tó da omi tó kù. Bí kò bá dúró, afẹ́fẹ́ á máa ti omi dànù, omi á wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn gbà kọjá, kọfí á sì kan.

Morádéún mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ìyá ẹ̀. Ohun tó sọ fún Ummusalamah ni pé, "Tó bá ti ń wú báyìí, ó ti fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Má dúró o! Da omi tó kù lé e lórí kíá."

"Ẹ ṣé, Àǹtí," ni ọmọ yẹn wí. "Ọlọ́run á bá mi san yín lóore."

Àyà Morádéún já díẹ̀. Ṣùgbọ́n owú ò jẹ́ kó sọ òtítọ́.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọ̀gá jókòó ní tábìlì kejì, ó ń wò wọ́n. Kẹ́tù ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí omi ẹ̀ ń jáde bí okùn, tí èèyàn lè darí síbi tó bá wù ú. Morádéún nawọ́ gbá a mú lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Kẹ́tù iná ẹlẹ́nu gbàgìdì ló kù sílẹ̀ fún Ummusalamah, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, omi á ya bàà. Morádéún rẹ́rìn-ín sínú.

Ummusalamah wo kẹ́tù yẹn, ó yíjú sọ́dọ̀ Ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè da omi ẹ̀ sínú ìkòkò tíì kékeré yìí kí n tó lò ó? Ẹnu tiẹ̀ tín-ín-rín."

"Kí ló dé tí o ò ní lè ṣe é?" Ọ̀gá ní. "Òun náà á ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Ẹ̀rín inú Morádéún gbẹ. Ta ló ní kó ronú?

Wọ́n wọn kọfí, wọ́n fomi ṣan bébà. Wọ́n jọ da omi àkọ́kọ́. Kọfí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Morádéún gbé kẹ́tù dúró, ó ń yọjú wo ẹgbẹ́ ẹ̀. Dà á, dà á, ló ń sọ nínú. Ummusalamah sì ti gbé ìkòkò tíì sókè, ó fẹ́ dà á lóòótọ́.

Ìgbà náà gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Ọládòṣù wọlé. Bàbá ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìkóẹrù-jáde ní èbúté, kò sì sí àárọ̀ tí wọn kì í wá mu kọfí dúdú.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni Morádéún wí lóòró, kẹ́tù lọ́wọ́.

Ummusalamah ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìkòkò tíì kalẹ̀, ó jáde lẹ́yìn tábìlì, ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn sà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ẹ mọ àwọn àgbà wa. Bí o bá fún wọn ní ìkúnlẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ibo ni ẹ́? Ìsẹ́yìn! Àdúgbò wo? Ṣé bàbá ẹ ń bẹ? Ìyá ńkọ́? Wàá dàgbà, wàá dògbó. Dìde, dìde."

Kọfí Ummusalamah jókòó sínú asẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó ń mí ẹ̀mí ẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà fi máa dìde, tó sáré padà sídìí tábìlì, ó ti wú, ó ti hó, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ ni Morádéún rí. Orí ẹ̀ gbóná! Èmi tí mo mú kẹ́tù, èmi tí mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló wà lórí kọfí, ojú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Omi kúrò láàárín, ó ń gba ara bébà lọ sísàlẹ̀ ṣooro láìfara kan kọfí. Kò tiẹ̀ mọ̀. Ummusalamah ní tiẹ̀ ń yí omi po díẹ̀díẹ̀, ahọ́n ẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Ọ̀gá tọ́ ti Morádéún wò. Ó gbé e fún Bàbá.

"Èyí ò ki o," Bàbá wí. "Bí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Morádéún, ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Wọ́n tọ́ ti Ummusalamah wò. Bàbá tún mu ún lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò sì gbé ife náà sílẹ̀ mọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ummusalamah, ìwọ ló máa wà níbí láti ọ̀la. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, ta ló kọ́ ẹ láti dúró báyẹn lẹ́yìn omi àkọ́kọ́?"

Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ gbọ́ ti oyè. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mo ṣe àṣìṣe. Àǹtí ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ dúró tó bá ti ń wú. Bàbá ló wọlé sà, mi ò sì lè máa po kọfí lójú àgbà láìkí wọn. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí."

Ọ̀gá yíjú díẹ̀díẹ̀.

"Morádéún. Tìẹ ńkọ́? Ṣé o dúró?"

Kò sí ibi sísá. Gbogbo wọn ló rí i. "Mo dúró, sà."

Bàbá gbé ife sílẹ̀ wàyí. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú yìí ò tíì balẹ̀ tán. Ummusalamah ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó kọjú sí Morádéún, kò sí ẹ̀tàn kankan lójú ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ẹ̀ bínú, àbí? Tí mo bá tún fẹ́ pò ó lọ́la, kí n dúró ni àbí kí n má dúró? Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe."

Ìbá sàn kó bú u. Ìbá sàn kó gbá a létí. Morádéún wá irọ́ tó máa pa, kò rí. Ó wá ìbínú tó ti ń gbé kiri láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyẹn náà ò dáhùn.

"Dúró," ó ní. "Máa dúró. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Owú ẹ ni mo ń jẹ."

Ummusalamah wò ó títí, bí ẹni tó ń kọ́ nǹkan sórí kó má bàa gbàgbé.

"Ẹ ṣé, Àǹtí," ó wí. Ó sì tọkàn ẹ̀ wá. Ìyẹn ló pa Morádéún lẹ́kún.