Ìdí Tí Jẹ́jẹ́ Fi Ń Kùn

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni bàbá kan pe ilé ìwòsàn ẹranko. Nọ́ọ̀sì ló gbé fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ dí gan-an: ajá kan ń gbó nínú àgò, obìnrin kan dúró níwájú tábìlì pẹ̀lú ẹyẹ tí apá rẹ̀ ṣẹ́, Dókítà sì ń pè é láti yàrá inú pé kó gbé òwú wá kíákíá.

"Ológbò mi ni," bàbá náà wí. "Kò jẹun láti àná. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó le. Ó wà lórí itan mi níbí, ó kàn ń kùn ṣáá."

"Kò ké? Kò bì?"

"Rárá o. Gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Ó gbé fóònù sẹ́bàá ẹnu ológbò náà. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ: hùn-ùn, hùn-ùn, bíi maṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n ń rọra fẹsẹ̀ wà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Inú ẹ̀ dùn nìyẹn, bàbá. Ẹ mú un wá lọ́la, aago mẹ́sàn-án."

Ó kọ orúkọ bàbá àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé, ó sì sáré gbé òwú lọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń di ajá mú, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn òògùn, ó sì gbà pé ológbò tó ń kùn kò ní ìṣòro.

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù kí Dókítà tó rí àyè béèrè àwọn tó ń bọ̀ lọ́la. Obìnrin àgbà ni, irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ń ka orúkọ fún un bó ṣe ń fọ ọwọ́.

"Bàbá kan náà wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ológbò rẹ̀ kò jẹun, àmọ́ ó ń kùn dáadáa."

Dókítà kò tíì nu ọwọ́ tó fi yíjú sí i. "Akọ ni àbí abo?"

"Akọ ni wọ́n pè é, mà."

"Ṣé ó ń tọ̀?"

Nọ́ọ̀sì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò bi wọ́n."

"Pe bàbá náà padà."

Fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Pàbó.

"Gbọ́ mi," Dókítà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó yára. "Mo ti rí ológbò tí mọ́tò gbá, tí itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, tó ń kùn lórí tábìlì yìí. Wọ́n ń kùn nígbà tí wọ́n bá ń rọbí. Mo ti rí èyí tó kùn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Àgbà ológbò a máa kùn bí inú rẹ̀ bá dùn, òótọ́ ni. A tún máa kùn bí ẹ̀rù bá ń bà á, àti bí ìrora bá wọ̀ ọ́ lára. Àwa èèyàn náà ńkọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ṣé kì í ṣe ẹ̀rín là á fi rín? Bí ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò bá dí, bí ọjọ́ kan sí méjì ló kù fún un. A ò sì mọ ìgbà tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbé àgò. Lọ bá wọn nílé."

Òpópónà mẹ́rin ni. Nọ́ọ̀sì kò dúró de ọkọ̀. Ó fẹsẹ̀ sí i, àgò ń gbá a lórúnkún. Ohun kan ṣoṣo ló ń ró lọ́kàn rẹ̀: *Èmi ni mo ní kó di ọ̀la.*

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni bàbá náà ń gbé. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó sì fi ìka lé ètè.

"Rọra, ọmọ mi. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni mo gbé e sórí àga. Mo ti pa ohùn fóònù kó má baà dí i lọ́wọ́."

Yàrá náà mọ́ tónítóní, ìwé tò lára ògiri. Lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ológbò aláwọ̀ eérú kan ká jọ sórí tówẹ̀lì, ó sì ń kùn. Ó ń kùn bó ṣe ń mí sínú, ó ń kùn bó ṣe ń mí síta, láìdáwọ́ dúró.

"Jẹ́jẹ́ lorúkọ ẹ̀," bàbá wí wúyẹ́wúyẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyàwó mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ló ni ín. Ọdún mẹ́ta rèé tí ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ológbò yìí kò gbà kí n fọwọ́ kan òun rí. Bí mo bá wọlé, á jáde. Oúnjẹ ló dà wá pọ̀. Àfi lánàá. Ó kàn wá, ó gun itan mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Gbogbo òru la fi jókòó bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ dìde rárá."

Nọ́ọ̀sì gbé àgò kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga. Nísinsìnyí tó wò ó dáadáa, ojú Jẹ́jẹ́ kò ṣí tán, etí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ẹni tí inú ń run.

"Bàbá, ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?"

"Títọ̀ kẹ̀? Ó ń wọ inú àwo yanrìn rẹ̀ ṣáá. Láàárọ̀ yìí nìkan, á tó ìgbà mẹ́wàá. Mo rò pé ìgbẹ́ ló há a ni."

Nọ́ọ̀sì wo àwo náà ní igun ilé. Wọ́n ti hú yanrìn inú rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n ó gbẹ fúrúfúrú. Ó padà, ó rọra fi ìka kan ikùn ológbò náà nísàlẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Jẹ́jẹ́ ké lójijì, ó fẹ́ gé e jẹ, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀: hùn-ùn, hùn-ùn.

"Bàbá, a ní láti gbé e lọ nísinsìnyí. Ìtọ̀ ti há sí i nínú. Ìrora ló ń mú un kùn."

Ojú bàbá yí padà. "Ìrora? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi lórí fóònù pé inú ẹ̀ dùn?"

"Èmi ni, sà. Mo ṣìṣe."

"O ṣìṣe! Aago mẹ́jọ o mọ̀ ọ́n, aago mọ́kànlá o ò mọ̀ ọ́n mọ́! Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró de ológbò yìí. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fà á kúrò lọ́dọ̀ mi nítorí àròsọ." Ó dúró sáàárín àga àti àgò.

Nọ́ọ̀sì kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ bínú sí mi, bàbá, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ yín kàn án níbí. Ẹ rọra."

Bàbá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan ohun líle náà, tí Jẹ́jẹ́ gbọ̀n láti orí dé ìrù, síbẹ̀ tí kò dákẹ́ kíkùn, bàbá fa ọwọ́ padà.

"Gbogbo òru," ni gbogbo ohun tó lè sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn àgò.

Nígbà tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, Dókítà ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó fọwọ́ kan ikùn lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí, ó sì fi rọ́bà ìgbọ́kàn sí etí. Ó gbọ́, ó tún gbọ́, ó fajú ro.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kíkùn rẹ̀ bo ọkàn mọ́lẹ̀. Ṣí omi."

"Omi kẹ̀, mà?"

"Omi ẹ̀rọ! Gbé e sún mọ́ ọn."

Nọ́ọ̀sì gbé Jẹ́jẹ́ pẹ̀lú aṣọ lọ sẹ́bàá bàsíà, ó sì ṣí ẹ̀rọ. Omi dà wàà. Ológbò náà la ojú, ó ranjú mọ́ omi, ó sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Dókítà tẹ rọ́bà mọ́ àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri.

Bàbá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mú férémù ilẹ̀kùn. "Ó ti dákẹ́. Dókítà, kí ló dé tó dákẹ́?"

Dókítà na ọwọ́ sí i pé kó dúró, ó ń ka ìlù ọkàn.

"Kò pé ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan," Dókítà wí níkẹyìn. "Ó yẹ kó tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde ti padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ti ń fa ọkàn sẹ́yìn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síta."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Dókítà wá iṣan lápá, ó gún un, omi òògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọlé. Ó rọra fún un ní òògùn tó ń gba ọkàn sílẹ̀, ó ń ka ìlù ọkàn bó ṣe ń fún un. Àádọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́fà. Ìgbà tó kọjá bẹ́ẹ̀ ló tó fún un ní òògùn oorun díẹ̀, tó sì mú rọ́bà kan tó tín-ín-rín bí okùn, ó ń tì í bọ ọ̀nà ìtọ̀. Kò wọlé. Ó fi omi iyọ̀ tì í, ó tún gbìyànjú. Kò wọlé. Òógùn ń kán nímú rẹ̀.

"Di ìdí ẹ̀ mú dáadáa. Má mí."

Nọ́ọ̀sì kò mí lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ohun kan yẹ̀ nínú, rọ́bà wọlé wẹ́rẹ́, ìtọ̀ pupa bí omi ẹ̀jẹ̀ sì tú sínú abọ́. Ó ń dà, ó ń dà, bí ẹni pé kò ní tán. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún láìmọ̀.

"Nu ojú ẹ," Dókítà wí, "kó o tó dà á sínú abọ́ mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́ lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bàbá jókòó ti àgò rẹ̀, ológbò náà sì tún ń kùn. Bàbá gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Dókítà, èwo nìyí báyìí? Ti ìrora ni àbí ti ayọ̀?"

"Ohùn nìkan kò lè sọ fún wa. Ẹ wò ó: ó ti jẹun, etí rẹ̀ dúró, ìtọ̀ ń jáde, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ká jọ, tó kọ oúnjẹ, tó ń kùn, ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú. Ẹ gbé e wá."

"Kí ló wá ń fi kíkùn ṣe nígbà tó ń jìyà?"

Dókítà ronú. "Àwọn kan ní ó ń fi tu ara rẹ̀ nínú ni, bí ìyá ṣe ń kùn fún ọmọ. Àwọn kan ní gbígbọ̀n yẹn ń ran ara lọ́wọ́ láti san. Ìyẹn ò tíì dá wa lójú. Àwọn ológbò mìíràn a máa kùn láti fi bẹ èèyàn, pàápàá bí ebi bá ń pa wọ́n."

Bàbá tẹjú mọ́lẹ̀. "Nítorí náà, kì í ṣe torí pé ó fẹ́ràn mi ló ṣe gun itan mi."

Nọ́ọ̀sì ni kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ ìwé tó yín. Ṣùgbọ́n ilé yẹn tóbi. Ó lè sá pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣe nìyẹn bí ara wọn ò bá yá. Ọ̀dọ̀ yín ló wá."

Bàbá ki ìka kan bọ inú àgò, ó fi sílẹ̀ síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó ronú sí i díẹ̀, ó sì gbé imú kúrò.

"Aláìmoore," bàbá wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.