Èwo ni Ọjà-Títà, Èwo ni Màkẹ́tìn?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Télọ̀ ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òwò, ìbéèrè kan náà ló sì gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì: "Ṣe ìyàtọ̀ láàárín èròǹgbà ọjà-títà àti èròǹgbà màkẹ́tìn." Máàkì ogún ló wà fún un. Nígbà àkọ́kọ́, ó gba méjì. Nígbà kejì, ó kọ ọ́ kún ojú-ìwé méjì gbáko, ó tún gba méjì, bí ẹni pé ẹni tó ń máàkì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kú o. Obìnrin yìí lè wo ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà kó sì sọ bí ìbàdí rẹ̀ ṣe tó láìfa téèpù. Ọdún mẹ́ta ló ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan, àmọ́ olùkọ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é. Ọ̀gá ibẹ̀ ti sọ fún un pé, "Màdámù, ọwọ́ yín dáa, àmọ́ sátífíkéètì ẹ̀kọ́ òwò ni wọ́n ń bi mí." Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni èèyàn lè jókòó ṣe ìdánwò náà. Bó bá tún féèlì, ó parí nìyẹn, wọn á gbé kíláàsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó fẹ́ràn kíláàsì yẹn ju ohun tó lè fẹnu sọ lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti yege nínú ìdánwò kan náà ní ọdún méjì sẹ́yìn, ló ń kọ́ ọ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Lẹ́kọ́rà ni ìyá rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè é, nítorí kì í lè sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ ti awò ojú rẹ̀ sókè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Lẹ́kọ́rà ní kó sọ ohun tó kọ sílẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní méjì.

"Mo ní ẹni tó ní èròǹgbà ọjà-títà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, kí oníbàárà wá bá a níbẹ̀. Ẹni tó ní èròǹgbà màkẹ́tìn máa ń gbé tiẹ̀ lọ sí màkẹ́ẹ̀tì. Á máa polówó, á máa pariwo, á máa pín ìwé kiri."

Lẹ́kọ́rà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá mi o! Ẹ gbọ́ màkẹ́tìn, ẹ wá gba ọ̀nà màkẹ́ẹ̀tì lọ!"

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì ni?"

"Ẹ gbé e sódì ni. Ariwo àti ìpolówó tí ẹ kó sábẹ́ màkẹ́tìn yẹn, ọjà-títà gan-an ló ni wọ́n." Ó ṣí nóòtì àtijọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á gbuuru. "Èròǹgbà ọjà-títà: ilé iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ọjà tó ti ṣe sílẹ̀, títà àti ìpolówó ló gbójú lé, bí ọjà bá ṣe tà tó ni èrè rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Èròǹgbà màkẹ́tìn: ọ̀dọ̀ oníbàárà ló ti bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ohun tí oníbàárà nílò, gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ló sì ń mú èrè wá. Ẹ kọ́ ọ sórí."

"Ṣé àwọn oní-màkẹ́tìn kì í wá polówó ni?"

"Màmá, ẹ kọ́ ọ sórí!"

Ìyá Télọ̀ kọ́ ọ sórí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nílé iṣẹ́ àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà ti pààrọ̀ àyè nínú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó béèrè kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí màkẹ́tìn kì í bá ṣe ariwo, kí ló wá jẹ́?

Ogún gáùn ló so kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, gbogbo wọn ní apá gígùn tó wú bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Inú ìwé ìròyìn ló ti rí i, ó sì rán an tìfẹ́tìfẹ́. Láti ìgbà náà, ó ti gbé wọn síta, ó ti já owó wọn wálẹ̀, ó ti pe gbogbo ẹni tó ń kọjá ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mẹ́fà péré ló tà. Àbúrò rẹ̀ gidi ló sì ra méjì nínú wọn, nítorí àánú.

Ní ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn òdìkejì títì wá gba aṣọ tó fún un tún ṣe. Kíá, Ìyá Télọ̀ ti fa gáùn kan yọ. "Ẹ dákun, ẹ kàn wọ̀ ọ́ wò. Màá ṣe é ní pọ́ọ́kú fún yín."

Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ ṣàfojúdi, ó wọ̀ ọ́. Ó dúró níwájú dígí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, wọ́n wá nǹkan kan tì, wọ́n padà sókè. Láìpẹ́, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Télọ̀ ti lanu láti yìn ín, ó pa á dé. "Kí lẹ ń wá?"

"Àpò ni," nọ́ọ̀sì dáhùn, ó rẹ́rìn-ín. "Ibo ni mo máa ki bírò àti kọ́kọ́rọ́ mi sí? Apá gígùn yìí náà, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo máa ká a lójúmọ́ kí n tó fọwọ́?"

"Ta ló wá ń rán èyí tó bá yín lára mu?"

"Kò sẹ́ni tó ń rán an. A kàn ń fara dà á ni."

Abèèrè kì í ṣìnà. Ìyá Télọ̀ fa bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún un, ó mú ìwé dípò téèpù. Kí lẹ máa ń kó sára? Báwo lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́? Èló lagbára yín ká? Lọ́jọ́ kejì, ó sọdá lọ bi àwọn márùn-ún mìíràn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gé aṣọ. Ó rán ẹyọ kan, nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní kí àpò jìn sí i, Ìyá Télọ̀ sì mú kó jìn. Nígbà tó ń lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri ilé ìwòsàn pé aṣọ ti wà, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Ó ń polówó! Mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kó rán kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí.

"Lẹ́kọ́rà, mo ti rí i," ó ké sí ọmọ rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. "Ìpolówó wà níbi méjèèjì!"

"Nóòtì kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Nóòtì kò parọ́, àmọ́ fetí sílẹ̀. Mo ti rán gáùn tán kí n tó máa wá ẹni tí mo máa fi wọ̀. Ariwo nìkan ló kù tí mo lè pa. Ti nọ́ọ̀sì, mo kọ́kọ́ béèrè. Irú aṣọ, iye owó, ibi tí wọ́n á ti gbà á, ìpolówó náà, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni gbogbo wọn tẹ̀ lé. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn."

Lẹ́kọ́rà ti awò rẹ̀ sókè, ó tún nóòtì náà yẹ̀ wò. Ó gba máàkì méjìdínlógún lórí ìbéèrè yìí lọ́jọ́sí, àmọ́ òun gan-an kò rò ó débẹ̀ rí.

Ìbéèrè náà tún jáde, bí wọ́n ṣe rò. Bí Ìyá Télọ̀ ṣe ń kọ̀wé, kò sí ohun tó pààrọ̀ àyè mọ́ lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó gba mẹ́tàdínlógún lórí rẹ̀, ó sì yege. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún ayọ̀ láìfi pamọ́.

"Àpẹẹrẹ wo lẹ lò?" Lẹ́kọ́rà béèrè nígbà tí ẹkún dáwọ́ dúró.

"Aṣọ nọ́ọ̀sì ni mo fi ṣe ti màkẹ́tìn."

"Gáùn lẹ wá fi ṣe ti ọjà-títà."

"Rárá. Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Mo kọ ọ́ pé olùkọ́ kan ti ní nóòtì sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó dé. Kò bi í pé kí ló rú u lójú. Ó ń kà á sí i létí, ó ń pariwo pé kó kọ́ ọ sórí, iye ojú-ìwé tó kà tán ló sì fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ òun dáa."

Lẹ́kọ́rà bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì í. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Màmá, nínú gbogbo ohun tí mo ti ń kọ́ yín, kí ni kò yé yín?"

Inú Ìyá Télọ̀ yọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ẹni tó máa bi í.

"Ó pọ̀," ó ní. "Fa àga sún mọ́ mi."