Ohun Tó Wà Lórí Ilẹ̀ Ìyé Salome

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni mo ń bá àwọn ènìyàn gbà ní Òkìtìpupa, mi ò sì fẹ́ kí ọ́fíìsì ètò ìlú dá iṣẹ́ mi padà rárá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka lẹ́tà àti àlàyé iṣẹ́ sí etí onílẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú, kó má baà sọ lọ́la pé òun ò gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, Ìyé Salome jókòó síwájú tábìlì mi. Ìyé là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, Salome sì lorúkọ òun fúnra rẹ̀. Opó ni, oko ọ̀pẹ ló ń ṣe. Ilé oníyàrá mẹ́rin ló fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́nà Ìkọ̀yà, níbi tí ilé alámọ̀ wọn ti wó tipẹ́. Vivian ọmọ rẹ̀ ló máa ni yàrá ẹ̀yìn. Mo ka lẹ́tà tán, mo bọ́ sórí àlàyé:

"Ilé náà fi mítà mẹ́fà jìnnà sí títì, ó fi mẹ́ta jìnnà sí ààlà. Kòtò sókàwé tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ṣàn sí wà ní igun ẹ̀yìn lápá òsì. Kò sí ohunkóhun lórí ilẹ̀ náà báyìí."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Mi ò lè buwọ́ lù ú," ló wí. "Wọ́n sin ọma mi sígun yẹn."

Inú bí mi gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bi í bóyá ibojì wà níbẹ̀, ó ní kò sí. Èmi fúnra mi sì ti rin ilẹ̀ náà já, koríko lásán ni mo rí.

"Ìyé, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ìkókó rẹ̀ sí. Wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí wọn. Ọdún mọ́kàndínlógójì rèé. Mi ò sọ fún bàbá ẹ̀ títí tó fi kú."

Ojú tì mí. Mo tẹ́ àwòrán ilé sílẹ̀. Bí kòtò bá lọ sápá ọ̀tún, ó máa sún mọ́ kànga aládùúgbò jù, wọn ò sì ní fọwọ́ sí i. Àfi ká gé ilé náà kúrú lẹ́yìn, kí kòtò bọ́ sí àárín. Yàrá Vivian ló máa lọ.

"Kó lọ," Ìyé dáhùn. "Vivian á bá mi sùn ní tèmi."

Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ka lẹ́tà tuntun sí i létí: "A dín ilé náà kù nítorí ibojì ọmọ kan tó wà ní igun ẹ̀yìn."

"Ọmọ kan?"

Mo ní ìyẹn ti tó, pé àwọn tó máa wá wo ilẹ̀ ò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó mi orí. "Ayọ̀bámi lorúkọ ẹ̀. Látọjọ́ tó ti lọ, ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́."

Mo kọ orúkọ náà sí i, mo tún lẹ́tà náà tẹ̀. Ó ní kí n ka ibẹ̀ sí òun létí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á, bó ṣe ń sunkún, kó tó mú bírò, tó sì buwọ́ lù ú.