Àwòrán Kẹfà

Ọjọ́ méjì gbáko ni lẹ́tà onílé fi sùn sábẹ́ ilẹ̀kùn Nọ́ọ̀sì kó tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dúró kà á, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Lẹ́tà náà ní kí ìdílé mẹ́fà tó wà nínú ilé san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún iná àti omi oṣù mẹ́ta. Ó ní owó kan ti sọnù lọ́wọ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́, alábòójútó ilé, nítorí náà kí bàbá náà kó kúrò ní yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn tó bá di ìparí oṣù. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó kọ̀wé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Túsìdeè.

Wẹ́sídeè ló ń kà á.

Kò tíì bọ́ bàtà tí Télọ̀ ẹnu ọ̀nà kejì fi wọlé, téèpù lọ́rùn.

"Nọ́ọ̀sì wa! Ìwọ la ń retí. Ẹni tó mọ ìwé kọ lọ tọ́jú aláìsàn, àwa ń wo ara wa bí adìẹ tí òjò pa."

"Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, àǹtí. Àná ni ọjọ́ pé."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Tí onílé bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó jẹ ẹ́. Ó ṣáà máa kà á kó tó jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín pa Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹ̀rín náà kò jáde. Ó jókòó, ó tẹ́ bíìlì tó wà pẹ̀lú lẹ́tà náà sórí tábìlì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni ti oṣù mẹ́ta yìí. Pín in sọ́nà mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ni. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà lókè bíìlì náà: gbèsè àtẹ̀yìnwá, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Onílé ti pín ìyẹn náà, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án mà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san nígbà tó kọjá," ni Télọ̀ wí. "Owó ẹnì kan ni bàbá yẹn gbé mì, kò tilẹ̀ mu omi lé e."

Ó ti gba àwòrán ojú fóònù tó fi hàn pé wọ́n sanwó lọ́wọ́ gbogbo ilé, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin onílé wa, a kí yín. Ìwé yìí pẹ́ ní ọjọ́ kan, ẹ má bínú. A kò jiyàn lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ tó lé lórí rẹ̀ la kò gbà, nítorí a ti san owó ìgbà tó kọjá. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí." Ó ń kọ ọjọ́, iye àti èsì sílẹ̀ láti ara àwòrán kọ̀ọ̀kan. Yàrá kìíní, ó ti wọlé. Yàrá kejì, ó ti wọlé. Ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ó ti wọlé.

Ó wá ṣí tirẹ̀, yàrá kẹta. Nísàlẹ̀ àwòrán, lẹ́tà wínníwínní: *ó ṣì ń lọ lọ́wọ́.*

Ó wo ìwé owó rẹ̀ nínú fóònù. Owó náà ti jáde lọ́jọ́ tó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ti padà wá. Ó rántí. Ó ti rò pé owó àfikún iṣẹ́ ni, ó sì fi ra bàtà funfun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yìí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Bàbá ń di ìwé àtijọ́ sínú páálí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Èló lẹ san fún àwọn oníná àti olómi nígbà tó kọjá?"

"Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta. Ohun tó wọlé sọ́dọ̀ mi nìyẹn, ọmọ mi. Mo sọ fún onílé. Ó ní àwòrán mẹ́fà lòun rí."

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́: owó á lọ sọ́dọ̀ Bàbá, àwòrán á lọ sọ́dọ̀ onílé. Kò sẹ́ni tó gbé méjèèjì pàdé ara wọn rí.

Nọ́ọ̀sì padà sókè. Ìka kan péré ló gbà láti gé ìsàlẹ̀ àwòrán náà kúrò. Gbogbo ilé á máa kí i pé ó ṣeun, Bàbá á sì lọ. Ó jókòó títí ẹ̀rọ Télọ̀ fi dákẹ́ lẹ́yìn ògiri, tó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìlà kẹfà bó ṣe rí, ó fi ìlà méjì sí i, ó sì fi ohun gbogbo ránṣẹ́.

Onílé pè kó tó bọ́ bàtà tán.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò lóye ìparí ìwé yìí. Ta ló jẹ gbèsè?"

"Èmi ni, sà. Owó mi kò dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó padà sọ́wọ́ mi, mo sì ná an. Ẹ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lọ́wọ́ àwọn tó kù. Èmi máa san ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún. Ẹ jẹ́ kí Bàbá dúró sí yàrá rẹ̀."