Búrẹ́dì Ìyàwó Tísà

Ogójì ọdún ni Tísà fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ọdún náà ló sì fi ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni, pé "búrẹ́dì" ló ń pe "bread". Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́nu, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọ̀, kò jáde mọ́. Kọ́ńsónáǹtì méjì tó lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di òkè tí ahọ́n kò lè gùn. Ẹ̀rù bà á pé òun ti yadi títí ayé.

"Bàbá, ẹ pè é bíi tèmi," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bú. Rẹ́. Dì."

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń kọ́ Tísà láti tún máa sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá gbà wá o. Àwọn baba wa fi fáwẹ̀lì sáàárín kọ́ńsónáǹtì méjèèjì, wọ́n fi òmíràn parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe la k àti t lọ́tọ̀ nínú wákàtí, tí a gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá."

"Bú... rẹ́... dì," ni Tísà wí.

"Ẹ káàbọ̀ sí oko wa!" ìyàwó rẹ̀ pariwo.

Omi lé ròrò lójú Tísà. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Tí... sà mi," ló pè é.